Lẹ́tà sí Ilé-iṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì Nígbà tí Ìlẹ̀kùn Ráútà Bá Tì

Lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ìtọrọ-àyè àti lẹ́tà ẹ̀hónú ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà kan wà tí ó kúrú ju gbogbo wọn lọ, tí kíkọ rẹ̀ sì ṣòro ju bí ojú ti ń rí i lọ. Òun ni lẹ́tà tí oníbàárà ń kọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, nígbà tí kò bá lè wọ ojú-ewé tí a fi ń ṣe àkóso ráútà rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó mú un ṣòro ni pé ohun tí oníbàárà ń bèèrè àti ohun tí ilé-iṣẹ́ náà lè fi fún un kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Oníbàárà a máa bèèrè pé, "Kí ni pásíwọ́ọ̀dù náà?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kí ó tó mú kálámù, lẹ́tà rẹ̀ yóò kúrú, èsì rẹ̀ yóò sì tètè dé.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lórí àpótí kan

Ráútà ni àpótí kékeré tí okùn fáíbà tàbí wáyà ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì náà fún àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó wà nínú ilé. Pásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè so mọ́ àpótí kan ṣoṣo yìí. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì. Èyí ni a ń fún àlejò tí ó bá fẹ́ lo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀. A lè fi í wé kọ́kọ́rọ́ pálọ̀: ẹni tí ó bá ní i lè wọlé jókòó, ṣùgbọ́n kò lè yí ohunkóhun padà nínú ilé.

Èkejì ni pásíwọ́ọ̀dù àkóso. Kì í ṣe ibi tí a ti ń yan Wáífáì ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ojú-ewé kan ni a ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà tí ó bá ti so mọ́ ráútà, nípa títẹ nọ́ńbà kan bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì ojú-ewé sí. Ojú-ewé náà yóò bèèrè orúkọ, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ admin, àti pásíwọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ yàrá onílé nìyí, níbi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ yòókù so rọ̀ sí. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lè pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì, ó lè rí iye fóònù tí ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè lé èyí tí kò fẹ́ jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ní ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń lo ọ̀nà ìsopọ̀ tí a ń pè ní PPPoE, ráútà fúnra rẹ̀ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà nígbàkúùgbà tí a bá tan iná rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí yóò wọ ìlú gbọ́dọ̀ sọ tẹnu rẹ̀ fún oníbodè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ráútà ṣe máa ń sọ tirẹ̀ kí a tó ṣí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì fún un. Òṣìṣẹ́ tí ó wá so ẹ̀rọ náà mọ́ra ni ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà kò sì ní ìdí láti tún un tẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí bí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti lè bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ níhìn-ín. Bí ẹnìkan bá ní, "Kò wọlé," ìtumọ̀ mẹ́ta ni gbólóhùn náà lè ní. Ó lè jẹ́ pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò wọlé rárá. Ó lè jẹ́ pé fóònù kò wọ orí Wáífáì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kò rí ojú-ewé àkóso wọ̀. Bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá wà lọ́dọ̀ wa, yóò wo ohun tí a nà án sí, yóò sì mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ẹni tí ń ka lẹ́tà kò rí ìka wa. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ó ní.

Ohun tí a ní láti yẹ̀ wò kí a tó kọ̀wé

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní òun kò rí ojú-ewé àkóso wọ̀ ni ìlẹ̀kùn tì mọ́ ní tòótọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó yẹ̀ wò ni bóyá ojú-ewé náà tilẹ̀ ṣí. Bí kò bá ṣí rárá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan pásíwọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tí a tẹ̀ kì í ṣe ti ráútà náà. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, a lè ṣí Command Prompt, kí a sì tẹ ọ̀rọ̀ yìí:

```
ipconfig
```

Nọ́ńbà tí ó bá jáde níwájú Default Gateway ni àdírẹ́sì ráútà. Òun ni a ó tẹ̀.

Bí ojú-ewé náà bá ṣí, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, kí a fara balẹ̀ ka ohun tí ó sọ. Ọ̀pọ̀ ráútà ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ bí a bá ti ṣi pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ léraléra, kí olè má baà lè jókòó síbẹ̀ máa dán oríṣiríṣi wò. Irú rẹ̀ yóò sọ pé kí a dúró, ó sì lè máa ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ìdúró ni oògùn èyí. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìdúró, ṣe ni a ó máa fi kún àkókò ìjìyà wa.

Lẹ́yìn èyí, kí a yí ráútà náà padà, kí a wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ráútà, pásíwọ́ọ̀dù méjì ni a kọ síbẹ̀: ọ̀kan fún Wáífáì, ọ̀kan fún ojú-ewé àkóso. Kì í ṣe ẹnì kan tàbí méjì ni ó ti fi èkíní sí ipò èkejì, tí ó sì parí èrò sí pé ìlẹ̀kùn ti tì. Lórí ìwé yìí kan náà ni a ó ti rí orúkọ irú ráútà náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tí a kọ S/N síwájú rẹ̀. Kí a dà wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí a ó nílò wọn nínú lẹ́tà.

Àpẹẹrẹ kan láti ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí àpẹẹrẹ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ogún kọ̀ǹpútà ni ó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì fáíbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì wà. Wọ́n gbé olùkọ́ tí ń tọ́jú yàrá náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìparí sáà. Nígbà tí olùkọ́ tuntun gba iṣẹ́, ó rí i pé pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì ti di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí agogo oúnjẹ bá ti lù, ọgọ́rùn-ún fóònù ni yóò gùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, àwọn kọ̀ǹpútà yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Ìdánwò tí a ó ṣe lórí kọ̀ǹpútà sì kù ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò le: kí ó wọ ojú-ewé àkóso, kí ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì. Ṣùgbọ́n ojú-ewé náà kọ̀ ọ́. Pásíwọ́ọ̀dù tí a kọ sí abẹ́ ráútà kò bá a mu mọ́, nítorí olùkọ́ àtijọ́ ti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe olùkọ́ náà lórí fóònù, ó ní òun kò rántí ohun tí òun fi sí i.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń gbani ni pé kí a fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnì RESET tí ó wà nínú ihò kékeré lẹ́yìn ráútà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Òótọ́ ni pé bọ́tìnì yìí yóò dá pásíwọ́ọ̀dù àkóso padà sí èyí tí ó wà lórí ìwé pélébé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni yóò pa rẹ́. Gbogbo ohun tí ènìyàn ti tẹ̀ sínú ráútà láti ọjọ́ tí ó ti dé ni yóò lọ, títí kan kọ́kọ́rọ́ kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ráútà ń sọ fún oníbodè. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá ní ọ̀nà láti dá a padà láti ọ̀nà jíjìn, olùkọ́ náà yóò rí ojú-ewé àkóso wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Iná tí a kọ PON sí lára rẹ̀ lè dúró ṣinṣin láti fi hàn pé okùn fáíbà kò já, síbẹ̀ kò ní sí ojú-ewé kan tí yóò ṣí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọ́ yóò wá di ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìdí tí kò fi jẹ́

Ká ní ohun tí olùkọ́ náà kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ láti orí ímeèlì tirẹ̀ ni èyí: "Ẹ jọ̀wọ́, pásíwọ́ọ̀dù wa kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ kíákíá." Èsì tí irú ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń mú wá ni pé kí ó pa ráútà, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tún un tàn. Òṣìṣẹ́ tí ó fèsì kò ṣe àìdáa. Kò mọ èwo nínú pásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́, kò mọ ráútà tí ọ̀rọ̀ kàn, kò sì mọ ẹni tí ń kọ̀wé. Ó fún un ní ìdáhùn tí ó bá gbogbo ènìyàn mu.

Ìdí pàtàkì mẹ́ta ni ó wà tí ilé-iṣẹ́ kì í fi í kàn mú pásíwọ́ọ̀dù àkóso fún ẹni tí ó bá bèèrè. Ìkíní ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àkáǹtì. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà lórí ìwé àdéhùn, orúkọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì ni ó wà nínú àkọsílẹ̀. Olùkọ́ tuntun tí ń kọ̀wé láti orí ímeèlì tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí àjèjì lójú wọn. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán. Ní ọdún 2016, ètò ìbàjẹ́ kan tí a ń pè ní Mirai gba àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri àgbáyé. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó ń dán àwọn orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ó ti wà lára àwọn ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n wò, èyí tí àwọn oníbàárà kò pààrọ̀. Ẹni tí ó bá ní pásíwọ́ọ̀dù àkóso ni ó ni ráútà.

Ìdí kejì ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè ka pásíwọ́ọ̀dù tí oníbàárà fúnra rẹ̀ fi sí i. Láti ọdún 2004 ni ìlànà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TR-069 ti wà, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú ráútà oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn. Nípasẹ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ráútà, ó sì lè fún un ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè pásíwọ́ọ̀dù, ohun tí ìlànà náà ní kí ráútà fi dáhùn ni òfìfo. A lè kọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, a kò sì gbọ́dọ̀ lè ka ti àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bèèrè pé, "Kí ni pásíwọ́ọ̀dù wa?" ti bèèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá ní, "Ẹ bá wa fi tuntun sí i," ni ó bèèrè ohun tí òṣìṣẹ́ lè jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ṣe.

Ìdí kẹta ni pé ìpele méjì ni àkóso lórí ọ̀pọ̀ ráútà tí ilé-iṣẹ́ ń fún oníbàárà. Ti oníbàárà ni ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí a ti lè pààrọ̀ Wáífáì. Ti ilé-iṣẹ́ ni ìpele òkè, níbi tí ètò ìsopọ̀ wà. Bí a bá kọ̀wé pé a fẹ́ "àṣẹ gbogbo lórí ráútà," wọ́n lè rò pé ìpele òkè ni a ń bèèrè, wọn yóò sì kọ̀. Olùkọ́ inú àpẹẹrẹ wa kò nílò rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì ni ó fẹ́ pààrọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ sì ti tó fún un. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kedere.

Lẹ́tà tí ó yẹ

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kí a sì fi í ránṣẹ́ láti orí àdírẹ́sì ímeèlì tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́. Ètò lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni a ó tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ náà ń gba ìwé ní, ètò kan náà ni.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ............,
Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ ........ oṣù ........ ọdún ........

Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Ilé-iṣẹ́ ............,
Ìbàdàn.

Alàgbà,

ÌBÉÈRÈ FÚN PÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ ÀKÓSO TUNTUN LÓRÍ RÁÚTÀ: ÀKÁǸTÌ NỌ́ŃBÀ ............

Oníbàárà yín ni ilé-ẹ̀kọ́ wa, orúkọ rẹ̀ sì ni ó wà lórí àkáǹtì tí a kọ sókè yìí. Irú ráútà tí ẹ fún wa ni ............, S/N rẹ̀ sì ni ............

Íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì sì wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí a kò rí wọ̀ ni ojú-ewé àkóso ráútà ní 192.168.1.1. Olùkọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù admin kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sì rántí rẹ̀ mọ́. A ti tẹ èyí tí ó wà lórí ìwé abẹ́ ráútà, kò gbà á. A kò tíì tẹ bọ́tìnì RESET.

A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí ìpele oníbàárà láti ọ̀dọ̀ yín, kí a lè pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì. Bí ó bá jẹ́ pé RESET nìkan ni ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fún wa ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE, àti VLAN ID bí ó bá wà, tàbí kí ẹ rán òṣìṣẹ́ sí wa. A ó ṣe ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ní ọjọ́ ............, a sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti yanjú kí ó tó di ọjọ́ ............

Kí ó lè dá yín lójú pé ọ̀dọ̀ wa ni ìwé yìí ti wá, ẹ pè mí lórí nọ́ńbà tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín. Orí nọ́ńbà náà ni kí ẹ ti fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìbuwọ́lùwé
Orúkọ ní kíkún
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Àkọlé lẹ́tà náà ti gbé nọ́ńbà àkáǹtì dání. Bí ó bá jẹ́ ímeèlì, àkọlé yìí ni a ó kọ sí ibi tí a ń kọ orí ọ̀rọ̀ sí, kí òṣìṣẹ́ lè ti mọ oníbàárà kí ó tó ṣí ìwé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́ àti ráútà tí a ń sọ. Nọ́ńbà S/N ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí ráútà náà gan-an lórí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n má baà yí ti ẹlòmíràn padà.

Gbólóhùn tí ó ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo lẹ́tà náà ni, "Íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì sì wà lọ́wọ́ wa." Ó jọ pé kò bèèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú ìtumọ̀ méjì kúrò nínú mẹ́ta tí "kò wọlé" lè ní, tí ó fi ku ẹyọ kan. Bákan náà ni, "A kò tíì tẹ bọ́tìnì RESET." Ó sọ fún òṣìṣẹ́ pé ètò ìsopọ̀ ṣì wà nínú ráútà, àti pé ráútà náà ṣì lè gbọ́ àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, dandan ni kí a sọ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe yóò yàtọ̀.

Ìpínrọ̀ kẹta bèèrè ohun kan, ó sì ti ṣètò fún ohun tí a ó ṣe bí ohun náà kò bá ṣeé ṣe. Èyí ń gba oníbàárà lọ́wọ́ lẹ́tà kejì àti ọjọ́ mélòó kan. A sọ ìdí tí a fi fẹ́ ẹ, a sì dá ọjọ́, láìsí ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òṣìṣẹ́ tí ń ka lẹ́tà yìí kọ́ ni ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ni ó ń dáàbò bo ilé-ẹ̀kọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá pe nọ́ńbà tí ó ti wà nínú àkọsílẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ni àkáǹtì ni ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí, kódà bí ẹlòmíràn bá ti ń ka ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pe láti nọ́ńbà tí a kò mọ̀, tí ó ní ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun ti ń pè, tí ó sì ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́, kí a pa fóònù náà. Pásíwọ́ọ̀dù ráútà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú wọn.

Èsì tí ó lè dé

Èsì tí ó dára jù ni pé wọ́n ti fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Kí olùkọ́ wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó fi èyí tí òun nìkan mọ̀ rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wá pààrọ̀ ti Wáífáì. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tì í mọ́ inú àpótí. Ìwé yẹn ni kò sí nígbà tí olùkọ́ àtijọ́ ń lọ.

Èsì kejì ni pé àwọn kì í fún oníbàárà ní pásíwọ́ọ̀dù àkóso rárá. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Kí a dáhùn pé kí wọ́n bá wa pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì láti ọ̀dọ̀ wọn, nítorí òun ni a ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ní ètò orí fóònù tí oníbàárà lè fi pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èsì kẹta ni pé kí a tẹ RESET. Bí ètò ìsopọ̀ bá ti wà lọ́wọ́ wa, tàbí bí wọ́n bá ti sọ ní kíkọ pé ráútà yóò gba ètò náà padà láti ọ̀dọ̀ wọn, a lè tẹ̀ ẹ́. Kí a ṣe é ní àkókò tí ibi iṣẹ́ wọn ṣì ṣí sílẹ̀, kí ẹnìkan lè wà níbẹ̀ láti dáhùn bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá padà. Kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Jimọ̀.

Èsì kẹrin ni ìdákẹ́jẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ilé-iṣẹ́ bá fún wa nígbà tí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn ni a ó fi tẹ̀ lé e, nítorí náà kí a má ṣe sọ ọ́ nù. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ṣe ohunkóhun lẹ́yìn tí a ti fún wọn ní àyè, oníbàárà ní Nàìjíríà lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ NCC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, nípa pípe 622. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá a ti fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn, ni ìdáhùn.